Bí a ṣe ń rán ṣẹ́ẹ̀tì táì tí inú rẹ̀ mọ́ bí òde

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá télọ̀ kan mọ ṣẹ́ẹ̀tì rán, ẹ má wo ojú aṣọ náà. Ẹ yí i sódì. Ẹ wo ibi tí yóòkù ti pàdé ẹ̀yìn, ẹ wo ìdí kọ́là, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ lábẹ́ apá. Bí ẹ bá rí òwú wíìfù, èyí tí wọ́n fi ń ká etí aṣọ kó má bàa tú, tó ń ṣe jágbajàgba níbẹ̀, aṣọ náà ṣeé wọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó rán an ṣì ń sá fún iṣẹ́. Ṣẹ́ẹ̀tì tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí kò lo wíìfù rárá. Gbogbo etí tí a bá fi sísọ́ọ̀sì gé ni yóò wọ inú aṣọ mìíràn lọ, tí ojú kò ní kàn án mọ́.

Ohun mẹ́ta ló ń mú kó rí bẹ́ẹ̀. Èkíní ni yóòkù, pátákó aṣọ onílọ́po méjì tó ń gbé èjìká. Èkejì ni pílákẹ́ẹ̀tì, ọ̀já tó gba iwájú sọ̀kalẹ̀ níbi tí ojú bọ́tìnnì wà. Ẹ̀kẹta ni báǹdì kọ́là, ìyẹn ọ̀já tó yí ọrùn ká tí ewé kọ́là jókòó lé. Báǹdì yìí ló ń da ọ̀pọ̀ télọ̀ láàmú jù, òun náà ni mo sì máa pẹ́ lórí rẹ̀ jù.

Ẹ jẹ́ ká fi aṣọ oníbàárà kan ṣe é. Ọrùn rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 15½, àyà 40, èjìká 18½, gígùn aṣọ 30, apá 25. Ó ra pópúlíìnì funfun ní Gbági, yáàdì 3, ìbú rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 45. Bí ìbú aṣọ tiyín bá jẹ́ 60, yáàdì 2 sí 2¼ máa tó o yín.

Kí sísọ́ọ̀sì tó kan aṣọ

Ẹ kọ́kọ́ rẹ aṣọ náà sínú omi, ẹ sá a, kí ẹ lọ̀ ọ́ kó tó gbẹ tán. Òwú a máa súnkì. Bí ẹ bá rán an láìrẹ ẹ́, oníbàárà ni yóò bá yín rẹ ẹ́ nílé rẹ̀, kọ́là ni yóò sì kọ́kọ́ pariwo, nítorí pé aṣọ ara kọ́là á súnkì, sítéè, ìyẹn aṣọ tó ń mú kọ́là le, tó wà nínú rẹ̀ kò sì ní súnkì tó bẹ́ẹ̀. Ẹ máa rí i lẹ́yìn ìfọ̀ àkọ́kọ́: ojú kọ́là á wú kéékèèké bí àkàrà tó ń bọ̀ nínú epo.

Sítéè onígọ́ọ̀mù ni ká lò. Ẹ mú èyí tó fúyẹ́ tó sì le díẹ̀, kì í ṣe èyí tó dà bí páálí. Ẹ gé e ní kékeré, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ àjákù aṣọ náà, kí ẹ fọ̀ ọ́ kó gbẹ. Bí kò bá wú, tí kò sì ṣí kúrò létí, ẹ lè fọkàn tán an. Bí ẹ bá ń lẹ̀ ẹ́, ẹ má fi áyọ́ọ̀nù lọ síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ń lọ ṣòkòtò. Ẹ gbé e lé ibì kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 12, ẹ gbé e kúrò, ẹ tún gbé e lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ náà sílẹ̀ níbi tó wà títí yóò fi tutù. Gọ́ọ̀mù tó ṣì gbóná kò tíì di nǹkan kan mú.

Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 11 tàbí 12 ló yẹ pópúlíìnì. Ẹ ṣe maṣíìnì kí ó máa rán bíi ojú 11 tàbí 12 nínú ínǹṣì kan. Ṣẹ́ẹ̀tì kì í fẹ́ ojú ìrán gígùn.

Ìṣirò ọrùn

Ibí gan-an ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó jókòó sídìí maṣíìnì.

Ọrùn oníbàárà wa jẹ́ 15½. A fi ìdajì ínǹṣì kún un kó lè mí, ó di 16. Iye yìí ni yóò wà láàárín bọ́tìnnì báǹdì àti ojú bọ́tìnnì rẹ̀. Ṣùgbọ́n báǹdì kì í parí síbi bọ́tìnnì. Pílákẹ́ẹ̀tì wa máa fẹ̀ ní ínǹṣì 1¼, àárín rẹ̀ sì ni bọ́tìnnì máa wà, èyí túmọ̀ sí pé ⅝ ló kọjá àárín iwájú lọ́tùn-ún àti lósì. Torí náà, gígùn báǹdì nísàlẹ̀ jẹ́ 16, ká fi ⅝ kún un, ká tún fi ⅝ mìíràn kún un. Ó di 17¼. Iye yìí gan-an ni ọrùn ara ṣẹ́ẹ̀tì náà gbọ́dọ̀ jẹ́.

Mo pín in báyìí: ọrùn yóòkù láti èjìká kan sí èkejì jẹ́ 9½, ọrùn iwájú kọ̀ọ̀kan jẹ́ 3⅞ láti ojú ìrán yóòkù dé etí pílákẹ́ẹ̀tì. Ẹ rò ó pọ̀, 17¼ ni.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Orí ìlà ìrán ni ká ti wọn 17¼ yìí, kì í ṣe etí tí a gé. Ọrùn jẹ́ ihò. Bí ẹ bá fi aláwáńsì ⅜ sílẹ̀ fún ríran, etí tí ẹ gé wà nínú ihò náà, ó sì kúrú ju ìlà ìrán lọ ní bíi ínǹṣì 1¾. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọṣẹ́, kí n tó gba fírídọ̀ọ̀mù, mo fi tẹ́ẹ̀pù wọn etí ọrùn tí mo gé, ó fún mi ní 17¼ géérégé, inú mi dùn. Nígbà tí mo gbé báǹdì dé ìlà ìrán, ó kù ní bíi ínǹṣì méjì kó dé òdì kejì. Kàkà kí n tú u, mo fi ọwọ́ fa báǹdì. Ó dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo àyà ṣẹ́ẹ̀tì náà sún jọ lábẹ́ kọ́là bí ìdí àpò gààrí tí wọ́n fi okùn so. Ọ̀gá mi kò bínú, ó kàn gbé réésà lé mi lọ́wọ́. Mo fi ọjọ́ kan tú u, aṣọ ọrùn náà sì ti já kí n tó tú u tán.

Nítorí náà, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà ìrán sórí pátáànì, kí ẹ gbé tẹ́ẹ̀pù dúró lórí etí rẹ̀ kó lè tẹ̀ lé kọ́ńà náà, kí ẹ sì wọn ìlà yẹn. Bí ó bá fi ⅛ dín tàbí fi ⅛ lé, ẹ lè bá a ṣe é. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ tún pátáànì náà ṣe nísinsìnyí tí bébà ni ẹ ń gé, kì í ṣe aṣọ.

Gígé

Yóòkù méjì la ó gé, tòde àti tinú, wọn kò gbọ́dọ̀ fi ohunkóhun yàtọ̀ síra. Mo máa ń gé e kí òròó aṣọ lọ láti èjìká dé èjìká, nítorí pé òwú òròó kì í fà bí ti ìbú, ibẹ̀ ni ìwọ̀n gbogbo aṣọ náà sì so rọ̀ sí. Jíjìn rẹ̀ láti ọrùn sí ìsàlẹ̀ ní àárín ẹ̀yìn jẹ́ ínǹṣì 4, níwájú ó sì kọjá orí èjìká ní 1¼. Ẹ̀yìn aṣọ la ó fi ínǹṣì 3 fẹ̀ ju yóòkù lọ, a ó sì ká a sí pílíìtì kan láàárín.

Iwájú òsì ni yóò gbé pílákẹ́ẹ̀tì, torí pé òsì ló ń lé ọ̀tún lórí nínú ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin. Ẹ gé e kó kọjá àárín iwájú ní ínǹṣì kan: ⅝ fún ìdajì pílákẹ́ẹ̀tì, ⅜ fún ríran. Iwájú ọ̀tún ni ẹ ó gé kó kọjá àárín ní ínǹṣì 2, nítorí pé a ó ká tirẹ̀ sínú lásán. Pílákẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀já tí ó fẹ̀ ní ínǹṣì 2, tí gígùn rẹ̀ bá ti iwájú dọ́gba, ní òròó aṣọ.

Gbàrà tí ẹ bá gé ọrùn tán, ẹ rán ojú kan ṣoṣo yí etí rẹ̀ ká, ní ¼ sí etí. Òwú yìí kò so nǹkan kan pọ̀. Ó kàn ń dì í mú ni, nítorí pé ọrùn tí a gé ní kọ́ńà a máa fà bí rọ́bà bí a ṣe ń gbé e kiri.

Pílákẹ́ẹ̀tì

Ẹ lẹ sítéè tó fẹ̀ ní 1¼ mọ́ àárín òdì ọ̀já náà, kí ⅜ ṣẹ́ kù lọ́tùn-ún àti lósì. Ẹ ká ⅜ ẹ̀gbẹ́ kan sínú, kí ẹ fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́. Etí sítéè ló máa sọ ibi tí ẹ ó ká a dé fún yín, torí náà bí ẹ bá gé sítéè wọ́, pílákẹ́ẹ̀tì á wọ́.

Wàyí o, ẹ gbé ojú pílákẹ́ẹ̀tì lé òdì iwájú òsì. Mo mọ̀ pé ọwọ́ yóò fẹ́ gbé ojú kọjú sí ojú, àmọ́ òdì iwájú ni. Ẹ rán etí tí ẹ kò tíì ká mọ́ ọn ní ⅜, láti ọrùn dé ìṣẹ́tí. Ẹ ṣí i, kí ẹ fi áyọ́ọ̀nù tẹ aláwáńsì sápá pílákẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wá yí pílákẹ́ẹ̀tì bọ̀ sójú. Ẹ jẹ́ kí ó yọ sẹ́yìn ìlà náà ní ìwọ̀n òwú kan péré, kí ìrán yẹn má bàa hàn lójú. Gbogbo etí ti wọ abẹ́ pílákẹ́ẹ̀tì báyìí. Ẹ rán an láti ojú ní ¼ sí etí òde, kí ẹ tún rán etí inú tí ẹ ti ká tẹ́lẹ̀ ní ¼ bákan náà. Òkè ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìlà méjèèjì, kí ẹ má gba ìsàlẹ̀ padà bọ̀. Bí ẹ bá rán ọ̀kan sọ̀kalẹ̀ tí ẹ rán èkejì gòkè, maṣíìnì á ti aṣọ òkè síwájú nínú àwọn méjèèjì ní ọ̀nà òdìkejì, pílákẹ́ẹ̀tì á sì máa yí bí okùn. Ẹ máa rí àwọn ìlà kéékèèké tó dá gbùn-ún láàárín rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù kò lè wo ìyẹn sàn.

Ti ọ̀tún rọrùn: ẹ ká ⅜ sínú, ẹ tún ká ínǹṣì kan sínú, ẹ rán etí rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ gbé iwájú méjèèjì lé ara wọn kí àwọn ọrùn wọn kọjú síra. Láti èjìká dé etí, wọ́n gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí ọ̀kan bá gùn ju èkejì lọ ní ìdámẹ́jọ ínǹṣì péré, kọ́là máa fi ẹ̀gbẹ́ kan ga ju èkejì lọ nígbà tí wọ́n bá so táì.

Yóòkù

Ẹ di pílíìtì ẹ̀yìn mú pẹ̀lú ìrán kan. Ẹ wá fi ẹ̀yìn sáàárín yóòkù méjèèjì: ojú yóòkù òde kọjú sí ojú ẹ̀yìn, ojú yóòkù inú kọjú sí òdì ẹ̀yìn. Ẹ rán lọ́po mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ẹ gbé yóòkù méjèèjì sókè, ẹ lọ̀ ọ́ dáadáa, kí ẹ rán ìlà kan láti ojú, lórí yóòkù òde, nítòsí etí. Ìdí ẹ̀yìn ti parí nìyẹn, etí kankan kò hàn.

Ti èjìká ló ń yà àwọn ènìyàn lẹ́nu nígbà àkọ́kọ́. Ẹ tẹ́ ẹ̀yìn sílẹ̀, ojú rẹ̀ kọjú sókè. Ẹ gbé iwájú kan wá, kí ẹ fi píìnì so èjìká rẹ̀ mọ́ èjìká yóòkù òde, ojú kọjú sí ojú. Ẹ ṣe ìkejì bákan náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ́tí, kí ẹ ká gbogbo aṣọ náà, ẹ̀yìn àti iwájú, bí ẹni ká ẹní, títí tí yóò fi di ìdì kan tó jókòó sórí yóòkù òde. Ẹ wá fa yóòkù inú láti abẹ́, ẹ gbé e yí ìdì náà ká bí ewé ṣe ń yí ẹ̀kọ ká, títí tí etí èjìká rẹ̀ yóò fi bá àwọn méjì tí ẹ ti fi píìnì mú. Ojú yóòkù inú ló kọjú sí òdì iwájú. Ẹ yọ píìnì, ẹ tún un fi, kí ó mú lọ́po mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ rán èjìká kan, kí abẹ́rẹ́ má ṣe gé ìdì inú rẹ̀ jẹ. Ẹ ki ọwọ́ bọ ihò ọrùn, kí ẹ fa ìdì náà jáde. Gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì á gba ibẹ̀ jáde, èjìká á sì ti rán tinú-tòde. Ẹ tún aṣọ ká, kí ẹ ṣe èjìká kejì.

Bí ẹ bá fà á tí ó kọ̀ tí kò jáde, ẹ̀yin náà ti rán ìdì mọ́ ọn. Bí ó bá jáde tí èjìká rẹ̀ lọ́, ẹ ti gbé òsì sí ipò ọ̀tún. Ìdí tí mo fi ń so iwájú méjèèjì mọ́ yóòkù pẹ̀lú píìnì kí n tó ká ohunkóhun nìyẹn: mo máa ń gbé e sókè wò bóyá etí iwájú méjèèjì kọjú síra.

Ẹ lọ èjìká, kí ẹ rán ìlà kan láti ojú bíi ti ẹ̀yìn. Tún wọn ìlà ọrùn. Ó yẹ kó ṣì jẹ́ 17¼.

Ewé kọ́là

Báǹdì wa ga ní ínǹṣì 1¼ lẹ́yìn, ó sì jẹ́ 1 níwájú. Ewé kọ́là gbọ́dọ̀ gùn ju báǹdì lọ lẹ́yìn, kí ó lè bo ojú ìrán rẹ̀ nígbà tí a bá ṣẹ́ ẹ wálẹ̀. Mo fi í sí 1¾. Ẹnu rẹ̀ níwájú jẹ́ 2¾. Gígùn ìdí rẹ̀ jẹ́ 16, kì í ṣe 17¼, nítorí pé àárín iwájú ni ewé ń dé. ⅝ tó ṣẹ́ kù ní etí báǹdì kọ̀ọ̀kan wà fún bọ́tìnnì.

Ẹ gé ewé méjì pẹ̀lú aláwáńsì ¼, lẹ́yìn náà kí ẹ gé ⅛ kúrò ní àwọn ẹ̀gbẹ́ òde ewé ìsàlẹ̀. Ewé tó kéré yìí ni yóò fa ojú ìrán sábẹ́, tí funfun abẹ́ kò ní máa yọjú. Sítéè wà lára ewé òkè, ẹ gé e láìfi aláwáńsì sí i, kí ṣóńṣó kọ́là má bàa ki.

Ẹ so ewé méjèèjì pọ̀, ojú sí ojú, kí àwọn etí òde wọn dọ́gba bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan kéré. Ẹ fa ti ìsàlẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá rán dé ṣóńṣó, ẹ má yà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ rán ojú kan dábùú ṣóńṣó náà kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀ lọ. Ó dà bí ẹni pé ìyẹn á sọ ṣóńṣó di kúńdú, àmọ́ òdìkejì ló ń ṣe, nítorí pé ó ń fún aláwáńsì láyè láti jókòó. Kí ẹ tó rán ojú ìdábùú yẹn, ẹ fi òwú gígùn kan kọ́ abẹ́rẹ́ lọ́rùn láàárín ewé méjèèjì, kí ẹ rán an mọ́ ọn, kí ẹ fi ìrù òwú náà sílẹ̀ sínú. Ẹ gé aláwáńsì ṣóńṣó kù sí ⅛, kí ẹ yí kọ́là bọ̀ sójú, kí ẹ wá fa òwú yẹn. Ṣóńṣó á jáde ṣánṣán. Ẹ fa ìdí òwú kan, á bọ́ jáde. Àwọn tó ń fi ẹnu sísọ́ọ̀sì gún ṣóńṣó kọ́là láti inú, ẹ̀yin ni mo ń bá wí: lọ́jọ́ kan á lu já, níwájú oníbàárà sì ni.

Ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ rán an yí ká láti ojú ní ¼. Ẹ wá ṣẹ́ kọ́là sórí ìka ọwọ́ yín bí yóò ṣe ṣẹ́ lọ́rùn. Ewé ìsàlẹ̀ á yọ díẹ̀ ní ìdí. Ẹ rán ìdí méjèèjì pọ̀ ní ipò yẹn, kí ẹ gé ohun tó yọ. Kọ́là tí a kò ṣẹ́ báyìí a máa fẹ́ gbé ṣóńṣó rẹ̀ sókè nígbà gbogbo.

Báǹdì

Aláwáńsì báǹdì jẹ́ ⅜ nísàlẹ̀ àti létí, ¼ lókè. Sítéè wà lára báǹdì òde, òun náà kò ní aláwáńsì. Ẹ ká ìsàlẹ̀ báǹdì òde sínú títí dé etí sítéè, ẹ fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́, kí ẹ rán an mọ́lẹ̀ ní ¼. Ìrán yìí ni yóò jẹ́ kí etí náà dúró ṣinṣin nígbà tí a bá ń parí.

Ẹ fi kọ́là sáàárín báǹdì méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣi apá yìí gbé, torí náà ẹ rò ó báyìí: bí ẹ bá gbé kọ́là dúró sókè láìṣẹ́ ẹ, ewé òkè ló kọjú sí ọrùn ènìyàn, ewé ìsàlẹ̀ ló kọjú síta. Nítorí náà, ewé òkè fara kan ojú báǹdì inú, ewé ìsàlẹ̀ sì fara kan ojú báǹdì òde. Ẹ mú àárín ẹ̀yìn bá ara wọn, kí ẹnu kọ́là méjèèjì dé àmì àárín iwájú. Ẹ rán láti ìsàlẹ̀ etí kan, ẹ gba kọ́ńà rẹ̀ gòkè, ẹ kọjá lókè, ẹ sọ̀kalẹ̀ ní etí kejì. Níbi báǹdì inú, ẹ dúró ní ⅜ kí ẹ tó dé etí ìsàlẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọrùn ń wọ̀. Ní kọ́ńà, ẹ dín ojú ìrán kù kó kéré, kí ẹ máa fi ọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ maṣíìnì bí ẹsẹ̀ yín bá yá jù. Ẹ gé aláwáńsì kọ́ńà kù sí ⅛, ẹ yí i bọ̀ sójú, ẹ lọ̀ ọ́.

Ẹ gbé báǹdì àti kọ́là náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó rán ohunkóhun. Bí etí dé etí báǹdì bá jẹ́ 17¼, ọrùn á gbà á. Bí ó bá gùn ní ⅛, ẹ tún kọ́ńà kan rán wọ inú díẹ̀. Bí ó bá kúrú, ẹ tú kọ́ńà, ẹ rán an síta.

Ẹ fi ẹnu sísọ́ọ̀sì gé ọrùn ara aṣọ wọ inú kéékèèké, jíjìn ¼, ní ìdajì-ìdajì ínǹṣì. Ẹ má jẹ́ kó kọjá ìrán àkọ́kọ́ tí ẹ fi di ọrùn mú. Ọrùn á là, á sì tẹ́ bá báǹdì lọ. Ẹ wá gbé ojú báǹdì inú lé òdì aṣọ. Ẹ fi píìnì sí etí méjèèjì ṣáájú, kí etí báǹdì bá etí pílákẹ́ẹ̀tì géérégé, lẹ́yìn náà sí àárín ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà sí èjìká. Ẹ rán an ní ⅜, ara aṣọ lókè kí ẹ lè máa fi ìka tẹ́ ẹ bí ẹ ṣe ń lọ.

Ẹ ti aláwáńsì sínú báǹdì. Etí báǹdì òde tí ẹ ti ká tẹ́lẹ̀ yóò bo ìlà ìrán náà bí ìdérí. Bí ó bá bò ó ju ìwọ̀n òwú méjì lọ tàbí kò dé ibẹ̀, ẹ tú píìnì, ẹ tún un tẹ́. Ẹ má fi maṣíìnì tún un ṣe. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí rán láti ojú, nítòsí etí, ní ẹ̀yìn ọrùn, níbi tí ewé kọ́là máa bò. Ẹ lọ sí etí kan, ẹ gba kọ́ńà yí òkè báǹdì ká, ẹ sọ̀kalẹ̀ ní kọ́ńà kejì, kí ẹ padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí tí mo fi rán báǹdì inú ṣáájú tí mo sì parí síta nìyí: ojú tí gbogbo ayé ń rí ni ojú yín wà lórí rẹ̀ bí ẹ ṣe ń rán ìlà ìkẹyìn. Àwọn tó ń parí sínú ń fi afọ́jú rán tòde.

Àmì méjì ló máa sọ bóyá ó dára. Ẹ pa pílákẹ́ẹ̀tì dé, kí ẹ wo ibi tí báǹdì ti pàdé rẹ̀: kò gbọ́dọ̀ sí àtẹ̀gùn kankan níbẹ̀, ìlà kan ṣoṣo ni kí ó sọ̀kalẹ̀. Bí báǹdì bá yọ síta ní ⅛, kọ́ńà ni ẹ kò rán bá ìlà. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àyà lábẹ́ kọ́là. Bí ó bá sún jọ, ọrùn gùn ju báǹdì. Bí báǹdì fúnra rẹ̀ bá ń ru bí omi, báǹdì ló gùn.

Ìyókù

Mo máa ń parí kọ́là kí n tó gbé apá wọlé, torí pé ara ṣẹ́ẹ̀tì tó ṣì tẹ́ rọrùn láti yí lábẹ́ maṣíìnì. Ẹ fi apá sí ojú apá nígbà tí ẹ̀gbẹ́ ṣì ṣí sílẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ rán ẹ̀gbẹ́ láti kọ́ọ̀fù dé ìṣẹ́tí lẹ́ẹ̀kan náà. Aláwáńsì ⅝ ni. Lẹ́yìn ríran, ẹ gé aláwáńsì kan kù sí ¼ tàbí kó dín díẹ̀, ẹ ká èkejì bò ó, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ rán etí rẹ̀. Ohun tí wíìfù ì bá ṣe ni ìyẹn ti ṣe tán. Kọ́ọ̀fù àti báǹdì, ìṣe kan náà ni wọ́n: ẹ rán ti inú ṣáájú, kí ẹ parí síta. Ìlàjì ẹnu apá, ní tirẹ̀, tó ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.

Ìṣẹ́tí, ẹ ká a lẹ́ẹ̀mejì ní ¼. Ní ibi tó kọ́ńà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ kọ́kọ́ rán ìlà kan ní ¼ sí etí, yóò fi ibi tí ẹ ó ká a hàn yín.

Bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì kéré, kò tó ìdajì ínǹṣì. Ojú rẹ̀ ní ìdajì ínǹṣì máa gbà á. Ti báǹdì, ẹ dá a ní ìbú, nítorí pé ọrùn ń fà á sí ẹ̀gbẹ́. Kí ó bẹ̀rẹ̀ ní ⅛ kọjá àárín iwájú sí apá etí, torí pé bọ́tìnnì máa ń sún lọ sí òpin ojú rẹ̀. Ti pílákẹ́ẹ̀tì, òròó ni. Àkọ́kọ́ jẹ́ ínǹṣì 2½ sísàlẹ̀ báǹdì, márùn-ún yòókù sì fi 3½ jìnnà síra. Ẹ dán ojú bọ́tìnnì kan wò lórí àjákù tí ẹ ti lẹ sítéè mọ́ kí ẹ tó dé ara aṣọ, kí ẹ sì fi píìnì dínà ní ìparí ojú náà kí réésà má bàa kọjá rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń là á.

Oníbàárà wa dé ní ọjọ́ Ẹtì, ó wọ̀ ọ́, ó di bọ́tìnnì báǹdì, ó sì fi ìka kan sáàárín ọrùn rẹ̀ àti kọ́là. Ìka kan wọlé, ìkejì kò rí àyè. Mo ní kó má bọ́ ọ mọ́.